Tòmátì Tó Gbẹ Lójú Tí Kò Gbẹ Nínú

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà. Lóṣù keje, mo ra tòmátì, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́, ó ku kílò 10. Mo gé e sí méjì-méjì, mo fi iná tó le yan án nínú ófùn gáàsì fún wákàtí méjì, mo wá sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ti gbẹ. Kílò kan àti gíráàmù 100 ló kù. Mo kó o sínú ọ̀rá, mo so ó. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó ti bu funfun láàárín. Ata rodo tí mo sá lódidi náà bu nínú. Ilá tí mo kọ́kọ́ bọ̀ kí n tó sá a kò bu ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fà mọ́. Ṣé kí n tún wọn sá ni? Èwo ló sì dáa jù, oòrùn àbí ófùn?"

Arábìnrin mi, ẹ má ṣe tún wọn sá. Ẹ da tòmátì yẹn nù, ẹ da ata rodo náà nù pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé owó ló bá a lọ, owó tòmátì oṣù keje kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ewú funfun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí tí èèyàn lè gbọ̀n dànù. Okùn rẹ̀ ti wọ inú oúnjẹ lọ kí ojú tó rí i lókè. Àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, irú èyí tó máa ń hù lára ata gbígbẹ, ẹ̀pà àti àgbàdo, a máa tú oró kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́sìn, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì ń bá jà. Bí ẹ bá tún un sá, ewú náà á gbẹ, ẹ ò sì ní rí i mọ́, àmọ́ oró tó ti tú sílẹ̀ á wà níbẹ̀. Iná ìdáná kò ká a. Ẹ má gé ibi tó bu kúrò kí ẹ lọ ìyókù, ẹ má sì dà á fún adìẹ, torí oró yìí kan náà ń pa adìẹ. Ohun tó fà á nìyẹn tí n kì í fi í ra ata gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ tán lọ́jà bí mi ò bá mọ ẹni tó sá a. Tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, kò sí ojú tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ilá yín tí kò bu ní tirẹ̀ ṣeé jẹ. Ọ̀rọ̀ fífà tí kò fà, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sá a, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ kó o. Ìwọ̀n méjèèjì yẹn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá pín tòmátì tútù sí ọ̀nà 100, bíi 94 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi. Nínú kílò 10 yín, ohun tó jẹ́ ara tòmátì gan-an, ìyẹn èèpo, ẹran ara rẹ̀, kóró, àti ṣúgà àdámọ́ tó wà nínú rẹ̀, kò ju bíi gíráàmù 600 lọ. Oòrùn kì í gbé gíráàmù 600 yìí lọ, ófùn kì í gbé e lọ. Omi nìkan ni wọ́n ń gbé. Ẹ wá yọ 600 kúrò nínú gíráàmù 1,100 tí ẹ kó jọ. Gíráàmù 500 ló kù, omi sì ni gbogbo rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ so mọ́ inú ọ̀rá yẹn, ó kù díẹ̀ kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi. Tòmátì tí a bá fẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ láìsí fíríìjì kò gbọdọ̀ ní omi tó ju bíi 10 nínú 100 lọ. Lọ́dọ̀ tiyín, gbogbo rẹ̀ ì bá ti wálẹ̀ dé bíi gíráàmù 670 kí ẹ tó kó o. Omi tó lé sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lítà, inú òkùnkùn àti ooru ọ̀rá sì lẹ so òun àti tòmátì mọ́. Ewú kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe oòrùn ló jẹ̀bi, kì í ṣe ófùn. Ọwọ́ yín ló tàn yín jẹ, torí ojú tòmátì ni ọwọ́ ń kàn. Bí nǹkan ṣe ń gbẹ ni pé atẹ́gùn á gbé omi tó wà lójú rẹ̀ lọ, omi inú á wá rọra wá sójú láti rọ́pò rẹ̀, títí omi inú fi máa tán. Ìrìn omi láti inú wá sójú yìí lọ́ra púpọ̀. Bí iná bá le jù níbẹ̀rẹ̀, ojú á gbẹ kíákíá, á sún kì, á sì di líle, bí awọ ṣe ń bo ojú ògì gbígbóná, omi inú ò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Wákàtí méjì tí ẹ fi iná líle yan án ló dá awọ yìí sílẹ̀. Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kàn ń lu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni gígé e sí méjì: ìdajì tòmátì ńlá nípọn jù fún irú ojú ọjọ́ tí ẹ sá a sí.

Ojú ọjọ́ yẹn gan-an ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Oṣù keje nílẹ̀ Èkìtì, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: kùrukùru láàárọ̀, oòrùn á yọ lọ́sàn-án, òjò lè dé nírọ̀lẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin báyìí, kò láyè tí ó fi máa gba omi tòmátì. Tó bá wá di alẹ́, ọ̀ràn á yí padà: afẹ́fẹ́ tútù á tún dá ọ̀rinrin padà sínú ohun tí ẹ ti fi gbogbo ọ̀sán lé e kúrò nínú rẹ̀. Ṣúgà inú tòmátì gbígbẹ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, tí wọ́n bá sì ti wọ́n iyọ̀ sí i, fífà yẹn á tún pọ̀ sí i. Àwọn ìyá wa tó ń wọ́n iyọ̀ sí tòmátì tí wọ́n ń sá kò ṣàṣìṣe, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó tètè rà. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló wúlò. Lásìkò òjò, iyọ̀ yẹn náà ló máa sọ ọ́ di rírin padà lóru.

Ẹni tó bá fẹ́ fi oòrùn nìkan sá tòmátì ní Èkìtì, kó dúró de ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, nígbà tí ètè bá ń bó tí ilẹ̀kùn onípákó sì ń sún kì, afẹ́fẹ́ yẹn ń wá omi tó máa gbé ni. Ọlọ́run tún bá wa ṣe é, ìgbà yẹn kan náà ni tòmátì ilẹ̀ Hausa tí wọ́n ń fi omi ìrinko gbìn máa ń pọ̀ lọ́jà, tí apẹ̀rẹ̀ á sì wálẹ̀ ní Ọjà Ọba ní Adó àti láwọn ọjà wa yòókù. Ẹ má jẹ́ kí ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ tàn yín. Lóòótọ́ òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run, otútù á mú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ò sì ní lọ síbì kankan.

Ká ní kílò 10 kan náà lẹ rà lóṣù kìíní. Ẹ ṣa àwọn tó pọ́n dáadáa tí ara wọn ṣì le. Àwọn gígùn-gígùn tó ń wá láti òkè ọya dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí ẹran ara wọn nípọn, omi wọn kò sì pọ̀ tó ti ìbílẹ̀ wa tó rí wúruwùru yẹn. Tìbílẹ̀ náà ṣeé sá, àmọ́ ohun tí ẹ máa kó á kéré, á sì tún kan díẹ̀ sí i. Èyí tó bá ti rà lápá kan, kó lọ sínú ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju ìdajì fífẹ̀ ìka ìfábẹ̀lá lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ á ti gbẹ, àwọn tó nípọn á ṣì tutù, ọ̀kan tó tutù yẹn ló sì máa ba ìyókù jẹ́ nínú ìgò. Ẹ lè fi ìka fa kóró àti omi rẹ̀ sínú àwo kí ó lè yá, kí ẹ wá fi omi kóró yẹn se ọbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ máa kó ní ìkẹyìn ò ní tó gíráàmù 670 mọ́, ẹ má sì rò pé ẹnì kan jí i.

Ibi tí a máa tẹ́ ẹ sí ṣe pàtàkì. Ní Èkìtì, a ti mọ àpáta fún sísá láfún àti èlùbọ́, a sì rí i pé òkúta máa ń mú ooru dání títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru yẹn dára fún tòmátì náà, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ́ ẹ lé orí àpáta lásán. Omi rẹ̀ á mú un lẹ̀ mọ́lẹ̀, eruku á sì wọ̀ ọ́. Ẹ kan férémù pákó, kí ẹ na àwọ̀n oníke tó mọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Páànù ìkọ́lé kò dára rárá fún tòmátì, torí kíkan tòmátì máa ń jẹ síǹkì tó wà lójú rẹ̀, síǹkì náà á sì bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ fi àwọ̀n mìíràn bò ó lókè nítorí eṣinṣin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò sí i lára, oògùn náà kì í tètè kúrò, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́. Léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń rán ìbòrí ìyàwó tó. Etí títì náà kò yẹ: èéfín ọkọ̀ àti eruku rẹ̀ ń bà lé ohun tí ẹ máa jẹ. Kílò 10 fẹ́ àyè tó bíi mítà méjì níbùú lóròó mítà kan, tí gígé kan kò ní gun òmíràn lórí.

Ẹ tẹ́ ẹ ní àárọ̀ kùtù kí gbogbo oòrùn ọjọ́ kìíní lè bà á, torí ọjọ́ kìíní ló le jù. Ẹ yí i lọ́sàn-án. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kó o wọlé, ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn kò ti ní fẹ́ ọ̀rinrin sí i, ẹ bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún gbé e jáde nígbà tí ìrì bá ti gbẹ. Nínú ọyẹ́ tó múná dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni tòmátì ń gbà. Tí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ń rùn kíkan bí ohun tó ń di ọtí lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ti ń bàjẹ́, kò sì sí oòrùn tó máa dá a padà. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí ọjọ́ kejì bá parí tí kílò 10 kò tíì wálẹ̀ dé kílò 3, n ò ní dúró de ọjọ́ kẹta. Inú ófùn ló ń lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ófùn, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, kò bìkítà fún òjò tàbí ọyẹ́. Ohun tó ń fẹ́ ni ooru tí kò le àti ọ̀nà tí omi máa gbà jáde. Ìwọ̀n ooru tó dára jẹ́ 55 sí 65 lórí sẹ́ǹtígíréèdì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ófùn gáàsì ilé kì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iná wọn tó kéré jù lè lé ní 120. Ẹ ra tẹmómítà ófùn kékeré, kò wọ́n, ẹ gbé e sáàárín tíréè. Ẹ rẹ iná sílẹ̀ dé ìparí rẹ̀, kí ẹ fi ọmọ orógùn pákó há ilẹ̀kùn kó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń mú ooru wálẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn pa, ńṣe ló ń se tòmátì. Bí ó bá ṣì gbóná jù, ẹ pa iná fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tún tàn án. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ lọ sùn o, torí iná gáàsì tó kéré tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lè kú kí gáàsì sì máa tú jáde. Ẹ ṣí fèrèsé ilé ìdáná, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ilẹ̀kùn ófùn yẹn. Ẹ máa pààrọ̀ tíréè òkè sí ìsàlẹ̀, torí ibi tó sún mọ́ iná máa ń yá ju ibòmíràn lọ. Tòmátì gígé pẹlẹbẹ á gbà tó wákàtí 8 sí 12.

Níbí ni mo ti fẹ́ ká sọ òótọ́ nípa owó. Ófùn ilé kì í gbà ju kílò 2 sí 3 tòmátì tútù lẹ́ẹ̀kan, torí a kò gbọdọ̀ tò wọ́n léra. Kílò 10 yín á gba ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan á sì máa jẹ gáàsì fún wákàtí 8 ó kéré tán. Kí tòmátì wọ́n nígbà òjò, kí a tún fi gáàsì tó wọ́n gbẹ ẹ́, n ò rí èrè ibẹ̀, àfi bó bá jẹ́ oko yín ló so tí ẹ ò sì fẹ́ kó rà. Iṣẹ́ tí mo ń fi ófùn ṣe ni píparí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì nínú oòrùn, kílò 10 á ti sún kì débi pé gbogbo rẹ̀ á wọ ófùn lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí mélòó kan ní ìwọ̀n ooru 60 á sì lé omi tó kù jáde. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyẹn: kí oòrùn gbé omi tó pọ̀, kí ófùn gbé èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣe é fún títà lè fi pákó kan àpótí kó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo òkè rẹ̀, kí ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti sí òkè fún atẹ́gùn. Ooru inú rẹ̀ máa ń ju ti ìta lọ, kò sì ná gáàsì. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpamọ́ irè oko, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ti ṣe oríṣiríṣi irú ẹ̀rọ alágbára oòrùn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ata rodo, èèpo rẹ̀ ló fà á. Ata ní epo dídán kan lójú tí omi kì í tètè gbà kọjá, inú rẹ̀ sì ṣófo. Bí ẹ bá sá a lódidi, ọ̀rinrin inú ihò yẹn á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, láàárín kóró, níbi tí ẹ kò lè rí. Ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Tàtàṣé fẹ́ gígé sí ọ̀nà mẹ́rin, torí ẹran rẹ̀ nípọn. Ṣọ̀mbọ̀ àti ata wẹ́wẹ́ ṣeé sá lódidi lásìkò ọyẹ́ nítorí ara wọn fẹ́lẹ́, àmọ́ wọ́n á pẹ́ ju èyí tí a là lọ. Ẹ mì wọ́n létí: bí kóró bá ń ró ṣákáṣáká nínú, tí igi ìdí rẹ̀ sì dá pẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ kí ẹ tó la rodo. Bí ẹ bá fẹ́ fi ófùn parí rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹni tó ní ikọ́ fée kúrò nínú ilé, torí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá.

Ilá ní tirẹ̀, omi gbígbóná tí ẹ bọ̀ ọ́ ló gbé fífà rẹ̀ lọ. Ohun tó ń fà nínú ilá máa ń yòrò sínú omi, nítorí náà bí ẹ bá bọ̀ ọ́ tí ẹ sì da omi rẹ̀ nù, ẹ ti da púpọ̀ nínú ọbẹ̀ yẹn nù. Bíbọ̀ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ewé rẹ̀ dúró, ó sì tọ́ fún ẹni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òrúnlá kò nílò rẹ̀. Ẹ fọ ilá tí kò tíì gbó, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó gé e, torí omi tó bá kan ojú gígé á mú un yọ̀, á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ gé e róbótó-róbótó, kó fẹ́lẹ́ ju ti tòmátì lọ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú oòrùn tó dáa ti tó o. Ibi tí iboji àti atẹ́gùn bá wà máa ń jẹ́ kó ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, nígbà tí oòrùn tààrà ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá sá a sí iboji gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn ọyẹ́. Nínú ófùn, ẹ má kọjá ìwọ̀n ooru 60, torí ooru tó le náà ń ba fífà rẹ̀ jẹ́. Ilá tó gbẹ tán máa ń fọ́ bí igi gbígbẹ. Tó bá ṣì ń tẹ̀, kò tíì tó lọ̀.

Nígbà tí ẹ bá rò pé tòmátì ti gbẹ, ẹ mú èyí tó nípọn jù, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dán an wò, torí ohun gbígbóná máa ń rọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Tó bá ń lọ́ bí awọ tí ojú ibi tó tẹ̀ sì ń tutù tàbí ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dá a padà. Tó bá dá pẹ́ẹ́, tí kò sí ibi dúdú tó rọ̀ láàárín, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tó bá lé ju gíráàmù 700 lọ fún kílò 10, ó ṣì ní omi. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí mo gbára lé jù: ẹ kó o sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó má kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí ẹ ti máa rí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹ bá rí ìrì lára ìgò, tàbí tí wọ́n so pọ̀ tí wọn ò tú ká bí ẹ ṣe gbọ̀n wọ́n, omi ṣì wà nínú wọn; ẹ dá wọn padà sínú ófùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ká ní ẹ ṣe èyí lóṣù keje ni, ìgò ni ì bá sọ fún yín lọ́jọ́ kejì ohun tí ọ̀rá fi pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹyin kòkòrò lè ti wà lára ohun tí a sá síta, pàápàá ata. Wọ́n ní kí a gbé e sínú fíríìsà fún wákàtí 48, àmọ́ wákàtí 48 tí iná kò ní lọ kì í rọrùn lọ́dọ̀ wa. Ẹ kúkú tẹ́ ẹ sínú ófùn ní ìwọ̀n ooru 70 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó ti gbẹ tán, kó tutù, kó wọ ìgò. Kòkòrò máa ń jẹ ọ̀rá lu, nítorí náà ìgò tàbí agolo tó dé pinpin ló dára. Ẹ pín in sínú ìgò kékeré-kékeré, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìgò ńlá ni ọ̀rinrin ń wọlé. Ẹ má lọ̀ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́búlẹ́bú máa ń fa ọ̀rinrin ju gígé lọ, á sì di òkúta. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Bẹ́ẹ̀, ó máa ń lo oṣù mẹ́fà dáadáa, ó tún lè dé ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ pupa rẹ̀ á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má retí pé kó rí bíi tòmátì tútù nínú gbogbo oúnjẹ. Àwọn fítámínì kan ti bá oòrùn lọ, adùn rẹ̀ sì ki, ó tún kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì alásèpọ̀ ló ti ń tàn. Bíi gíráàmù 65 sí 70 ló dúró fún kílò kan tòmátì tútù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú rodo gbígbẹ tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tàtàṣé tútù kan, kí ẹ fi omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ lọ̀ ọ́, kí ẹ má dà á nù. Iyọ̀ ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ wọ́n iyọ̀ sí i nígbà tí ẹ ń sá a.